Lébìrà wa mu omi yó, ó ń ṣe bí ẹni tí oòrùn pa: báwo la ṣe máa pín omi ní sáìtì?

Ọ̀gáSáìtì_Ìlobùú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Dẹ́kìn la dà lọ́sẹ̀ tó kọjá ní sáìtì kan lójú ọ̀nà Ìlobùú. Ẹ mọ bí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ṣe máa ń rí ní Òṣogbo níbí. Ẹni tó ni ilé rán ọkùnrin kan wá pé kó máa mójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Ọkùnrin náà gbé fèrè kọ́ ọrùn. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú ló ń fun ún, kálukú á sì mu odindi píọ̀ wọ́tà kan tán lójú rẹ̀ kó tó padà sídìí iṣẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, tín-ín-rín báyìí, kò lè ju ọgọ́ta kílò lọ. Òun ló ń ru páànù kọ́ńkéré. Láti aago mẹ́jọ títí di aago méjìlá, ọ̀rá méjìlá ló mu. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá ló ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun, inú òun sì wú. Lẹ́yìn náà ló bì. Àwọn tó kù ní oòrùn ló pa á, wọ́n tún já omi sí i lẹ́nu. Òrùka ọwọ́ rẹ̀ kò bọ́ mọ́ torí pé ìka ti wú. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò fi bára mu mọ́, ó ń bi mí pé ta ni mí. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan nítòsí, wọ́n fa dírípù dẹ́síróòsì lítà kan sí i lára. Bí ìyẹn ṣe ń tán lọ ni gìrì gbé e. Ọsíbítù ló yọ ọ́. Dókítà ní sódíọ̀mù, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti já sí 122, pé omi ló mu jù. Ó ti wà nílé báyìí, ó ń jẹun, ó ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ọlọ́fèrè ní òun ò ní yí òfin òun padà, pé inú ìwé lòun ti rí i. Dẹ́kìn kejì sì ń bọ̀. Omi mélòó ni kí n máa fún wọn? Báwo ni mo ṣe lè dá ẹni tí oòrùn pa mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí omi kún lára rẹ̀?

BàbáDẹ́kìn

Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń da dẹ́kìn, láti ìgbà tí ẹlòmíràn níbí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di bàtà. N ò rí ẹni tí omi pa rí, àfi ẹni tó bá kó sódò. Ibà ló ṣe ọmọ yẹn, oòrùn wá gùn ún lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mu omi wọn. Ẹni tó bá ń làágùn tí ò mu omi, òun ló ń kú.

EréÀárọ̀

Bàbá, ẹ má bínú, ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, àwa tí à ń sáré ọ̀nà jíjìn sì mọ̀ ọ́n. Ní eré Kọ́mírédì ti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1981. Ní 2002 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn asáré 488 ní Máratọ́ọ̀nù Bọ́sítọ̀nù. Nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàlá ni sódíọ̀mù wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Àwọn tó le fún jù ni àwọn tó sanra sí i lórí eré, ìyẹn ni pé wọ́n wúwo nígbà tí wọ́n parí ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ.

Èmi náà fojú rí i ní Máratọ́ọ̀nù Èkó. N kì í yára, ó lé ní wákàtí márùn-ún kí n tó dé. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń pín omi ni mo ti ń dúró mu, torí pé wọ́n ti kọ́ wa pé ká má dúró de òùngbẹ. Nígbà tí mo dé òpin, aago ọwọ́ mi ti fún mi pinpin, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi. Àwọn tó ń yára kò ní àyè láti mu tó bẹ́ẹ̀. Àwa ìgbín ló máa ń bá. Ní báyìí, ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ mí nìkan ni mo ń mu, ẹ jẹ́ kí àwọn lébìrà náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo tún fẹ́ bi ọ̀gá sáìtì: ṣé ọmọ yẹn lo ìbùpúrófìn tàbí oògùn ara ríro kankan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má lò ó kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́jàÌgbóọ̀nà

Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Òógùn ń gbé iyọ̀ jáde lára, omi tí wọ́n ń mu ò sì níyọ̀. Ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ọ̀rá omi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa mu bí wọ́n ṣe ń mu tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá rí oògùn iyọ̀ oníhóró rà, ìyẹn tún dáa jù. Ọkọ mi ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóko.

Láàbù_ÒkèFìà

Ìyá wa ọlọ́jà, ẹ mú ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ìdajì yẹn ò sì ní gba ẹnikẹ́ni là. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ tó ka 122 yẹn ni mò ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ yẹn ṣírò.

Ọkùnrin ọgọ́ta kílò ní omi tó tó lítà 36 nínú ara. Sódíọ̀mù tó wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan ẹ̀jẹ̀ tó dára wà láàárín 135 sí 145. Ká mú 140. Bí a bá fi 140 sọ 36 di púpọ̀, 5,040 nìyẹn, ká pè é ní gbogbo iyọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ó mu ọ̀rá méjìlá, lítà mẹ́fà nìyẹn tó bá jẹ́ ọ̀rá àádọ́ta sẹ́ǹtílítà. Ká ní ó làágùn lítà méjì, ó sì tọ̀ ìdajì lítà. Lítà mẹ́ta àbọ̀ ló kù sí i lára. Òógùn kì í níyọ̀ tó ẹ̀jẹ̀ rárá, ẹ̀yin náà lè fi ahọ́n mọ̀ ọ́n. Lítà òógùn méjì á gbé nǹkan bí 80 lọ nínú 5,040 yẹn. Ó ku 4,960 nínú omi lítà 39 àbọ̀. Ẹ pín in: ó lé díẹ̀ ní 125. Ìgbà yẹn ni olóògùn fa dẹ́síróòsì lítà kan sí i. Ara máa ń jó ṣúgà yẹn tán, omi lásán ló máa kù. Ẹ wá pín 4,960 sí 40 àbọ̀. 122 náà nìyẹn.

Ẹ padà ṣe ìṣirò yẹn bí ẹni pé òógùn ò gbé iyọ̀ kankan jáde rárá. 5,040 sí 40 àbọ̀, 124 ni. Ohun tí òógùn mú lọ nínú ìṣubú yẹn ò ju méjì lọ. Omi ló fa gbogbo ìyókù. Ẹni tó bá ń da iyọ̀ sómi tó sì ń mu ún bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan ohun tó ń pa á.

Àbá ni lítà òógùn tí mo fi ṣírò o, n ò wọn òógùn ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ló dé tí kíndìnrín ò tú omi náà jáde. Ẹni tó jókòó sílé lè tọ̀ tó lítà kan láàárín wákàtí kan bí omi bá pọ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn bá ń ṣe iṣẹ́ agbára fún wákàtí púpọ̀, tí ara ń ro ó, tí èébì ń gbé e, ọpọlọ máa ń tú họ́mónù kan jáde tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó di omi mú. Ọpọlọ rò pé ìyà ń jẹ ara, ó ń ṣọ́ omi fún un. Ìdí tí EréÀárọ̀ fi béèrè ìbùpúrófìn nìyẹn: ó máa ń mú kí àṣẹ họ́mónù náà le sí i. Ẹ̀yin náà ẹ kíyè sí i pé ọmọ yẹn lè máà tọ̀ rárá, kẹ́ ẹ sì rò pé omi ti tán lára rẹ̀.

Ní ti iyọ̀ ṣíbí-ṣíbí, ẹ rántí 2014 nígbà tí wọ́n sọ káàkiri pé omi iyọ̀ ń lé Ẹ̀bólà. Àwọn kan mu ún, wọ́n sì kú.

ÌyáÀjọkẹ́

Ẹ kúuṣẹ́ o. Màmá mi náà ní sódíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú wọn tọ̀ ṣáá. Wọ́n ò kì í lọ sóòrùn rárá. Ṣé kí n dín omi wọn kù ni, àbí kí n máa fi iyọ̀ sóúnjẹ wọn? Dókítà ti ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ̀rẹ̀

Ìyá Àjọkẹ́, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ti màmá yín gbà. Oríṣi oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ kan wà tó máa ń lé sódíọ̀mù jáde, àgàgà lára àgbàlagbà. Ẹ mú oògùn náà àti ìwé láàbù lọ bá dókítà tó kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má yí omi padà, ẹ má sì fi iyọ̀ kún un fúnra yín. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kántankàntan tàbí tí wọ́n ń sùn jù, ọsíbítù ni o.

Ọ̀gá sáìtì, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín kejì. Kì í rọrùn láti dá a mọ̀. Àwọn méjèèjì ni orí máa ń fọ́, àwọn méjèèjì lè bì, ojú àwọn méjèèjì lè ṣú. Àìtọ̀ ò ya wọ́n sọ́tọ̀, Láàbù ti sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ló mu láàárọ̀, mélòó. Ẹni tí omi gbẹ lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á wọnú, bó bá sì dìde orí á yí i. Ẹni tí omi kún, òùngbẹ ò gbẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ ń mì, ìka àti ojú rẹ̀ wú, bí òrùka tẹ́ ẹ sọ yẹn. Èyí tí oòrùn pa gan-an, ara rẹ̀ máa ń gbóná bí iná, ó máa ń kọjá 40 lórí tẹmómítà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì dàrú kíákíá.

Bí ẹ ò bá mọ èwo ni, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ máa da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ. Omi tó wà lórí awọ ara ò lè pa èyíkéyìí nínú wọn, ó sì ń gba ẹni tí oòrùn pa là. Ẹ má fi omi sí i lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá já gaara. Bó bá ti ń dàrú tàbí tí gìrì gbé e, ẹ má dúró ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kankan. Ọpọlọ ló ti ń wú sínú agbárí, agbárí ò sì láàyè. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọsíbítù, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni: «ọ̀rá omi báyìí ló mu láàárín wákàtí báyìí». Bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á tètè wo sódíọ̀mù kí wọ́n tó fa omi lásán sí i. Oògùn rẹ̀ ni omi iyọ̀ tó nípọn, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún mílílítà ni wọ́n máa ń fà sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí kò bá tíì jí. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ti ilé.

Èyí tí orí kàn ń fọ́, tí ara rẹ̀ wú díẹ̀, tó mọ orúkọ rẹ̀ tí kò sì bì: ẹ dá omi dúró, kó jókòó títí tí yóò fi tọ̀ dáadáa. Ẹ lè fún un ní ọbẹ̀ iyọ̀ tó nípọn, mágì mẹ́ta nínú ìdajì ife omi gbígbóná, kó máa fi ẹnu tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀.

BàbáDẹ́kìn

Mo gbọ́ ti ìṣirò yẹn, mo tún un ṣe lórí páálí símẹ́ǹtì, ó sì bára mu. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún mi nìyí. Ẹ ń sọ pé kí wọ́n mu nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n. Àwọn ọmọ tí à ń sanwó fún ní páànù-páànù, òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọn ò ní dúró. Bí wọ́n bá dúró owó wọn ń lọ. Mo ti rí èyí tó ṣubú látorí àkàbà torí pé kò mu nǹkankan láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹnì kan tó mu jù kí ẹ wá kó bá ẹni mẹ́wàá tí kò mu tó.

ÀàbòIṣẹ́_Ògo-Olúwa

Èmi ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́fèrè yẹn níbòmíràn, mo sì rò pé mo mọ ibi tó ti ṣì í. Ìwé tí à ń lò sọ pé kí òṣìṣẹ́ tó wà lóòrùn mu *ife* kan ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ife tí wọ́n ní lọ́kàn ò ju sẹ́ǹtílítà mẹ́rìnlélógún lọ. Ọ̀rá kan tó méjì irú ife yẹn. Ó ti sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po méjì. Ìwé yẹn kan náà fi ààlà sí i: kò gbọdọ̀ ju lítà kan àti díẹ̀ lábẹ́ ìdajì lọ ní wákàtí kan, 1.4 ni wọ́n kọ. Ọ̀rá mẹ́ta ní wákàtí jẹ́ 1.5. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà náà fi irú ààlà yìí sí òfin wọn ní 1998, torí pé àwọn ọmọ ogun tuntun ń wó lulẹ̀ látàrí omi tí wọ́n ń fi túláàsì mu.

Mo fara mọ́ Bàbá lórí èyí tó kù. Òùngbẹ nìkan ò tó fún ẹni tó ń ru kọ́ńkéré. Asáré sá eré rẹ̀ lónìí, ó sinmi lọ́la. Lébìrà padà wá lọ́la, lọ́tùn-únla, ara rẹ̀ ti gbẹ kó tó dé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí iṣẹ́ oòrùn kò tíì mọ òùngbẹ tirẹ̀. Ní sáìtì mi, ìdajì ọ̀rá ní ogún ìṣẹ́jú ni, fún ẹni tó bá fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dúró lé e lórí. Mo sì ń sanwó àkókò ìsinmi, kí ẹni páànù má baà sọ pé owó òun ń lọ.

EréÀárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, n kò gbà. Ìdajì ọ̀rá ní ogún ìṣẹ́jú lè pọ̀ jù fún ọmọ tín-ín-rín lọ́jọ́ tí ọ̀yẹ́ bá mú tàbí tí òjò ṣú, tí kò làágùn. Òṣùwọ̀n ló máa sọ òótọ́. Wọn ara ẹ láàárọ̀ lẹ́yìn tó o ti tọ̀, tún wọn ara ẹ lọ́sàn-án. Ẹni ọgọ́ta kílò tó bá dín ní bíi kílò kan, kò sóhun tó ṣe é. Bó bá wà bákan náà, ó ti mu jù díẹ̀, torí pé ara máa ń jó oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀, ó yẹ kó fúyẹ́. Bó bá wúwo sí i, kó má fẹnu kan omi mọ́. Àwa tí à ń sá láti Ọláìyá dé Abẹ̀rẹ̀ ti ń ṣe é, ó ti jẹ́ kí kálukú mọ òógùn tirẹ̀. Tèmi pọ̀ ní ìlọ́po méjì ti ọ̀rẹ́ mi, a sì jọ ń sáré ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbẹ́kẹ̀ lé ohun mímu àwọn eléré, tó ń dùn ṣíṣí: iyọ̀ inú rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀. Bí èèyàn bá mu ún jù, omi náà ni.

ÀàbòIṣẹ́_Ògo-Olúwa

Ẹ bá mi kó lébìrà ogójì sórí òṣùwọ̀n kan láago méje àárọ̀ tí símẹ́ǹtì ń gan lọ́wọ́, ká wá wò ó.

Ọlọ́jàÌgbóọ̀nà

Òṣùwọ̀n wà ní ọjà wa o, kò wọ́n. Èmi ò tíì gbà tán lórí iyọ̀ ṣá. Ọkọ mi kò ṣubú rí.

Láàbù_ÒkèFìà

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ yín kì í mu omi jù ni, ìyá wa.

Ọ̀gáSáìtì_Ìlobùú

Ẹ ṣé gan-an. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà: ó lo ìbùpúrófìn méjì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn torí ẹ̀yìn tó ń ro ó láti àná rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ife àti ọ̀rá han ọlọ́fèrè. Ó dákẹ́, ó ní òun á padà wo ìwé. Mo ti ra ife oníke, a ó gbé dúrọ́ọ̀mù omi sábẹ́ igi. N kò lè wọn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n màá wọn àwọn tó ń ru páànù àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà wo ni ọmọ yìí lè padà síṣẹ́?

Ó tún ku ọ̀kan. Ìdajì wọn ló ń gba ààwẹ̀. Bí wọ́n bá ṣínu, mo rí ẹni tó ń mu ọ̀rá mẹ́rin léra wọn.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ̀rẹ̀

Kó padà lọ yẹ sódíọ̀mù wò, kí dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sì sọ ọjọ́ iṣẹ́ fún un. Ẹ má jẹ́ kó padà torí pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Kí ó sì fi ìbùpúrófìn sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Kó wá nǹkan mìíràn fún ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà.

Láàbù_ÒkèFìà

Ti ààwẹ̀ yàtọ̀. Ara wọn ti gbẹ láti àárọ̀, lítà méjì yẹn ń dí ihò tó ti wà níbẹ̀ ni, wọ́n sì ti jókòó. Kí wọ́n pín in sí wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n fi oúnjẹ tó níyọ̀ tì í. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ẹni tó gba ààwẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ kó ru páànù láago kan ọ̀sán. N kò mọ ìwọ̀n omi kankan tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ yí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ padà sí àárọ̀ kùtù.

BàbáDẹ́kìn

Dẹ́kìn kì í dúró de ààwẹ̀, Láàbù. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ, a ò ní kúrò níbẹ̀ títí tí yóò fi tán. Àfi ká pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ méjì, kí àwọn tí kò gbààwẹ̀ gba ọ̀sán. Owó lébìrà á pọ̀ sí i. Ọ̀gá sáìtì, ṣé ẹni tó ni ilé á gbà?

Ọ̀gáSáìtì_Ìlobùú

Mo ti pè é láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́.